Wọ́n ní kí n kó láti Òṣogbo lọ sí Ìkẹjà: ṣé owó tí wọ́n pè yìí á ká a?

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iléeṣẹ́ wa fẹ́ gbé mi lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà. ₦250,000 ni mò ń gbà lóṣù ní Òṣogbo. Wọ́n ní àwọn á sọ ọ́ di ₦400,000, àwọn á sì fún mi ní ₦1,200,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n fi kó. ₦300,000 ni mò ń san lórí yàrá méjì lọ́dún níbí. Irú ẹ̀ tí mo rí l'Ógbà, ₦1,500,000 ni ejẹ́ǹtì pè é. Ìyàwó mi ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní ọjà Ìgbọ̀nà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n bi wọ́n?

Bọ̀ọ̀dá Tòkè-Òkun: Kú oríire, àbúrò! Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí iléeṣẹ́ bá fi kó òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ tuntun kì í fa owó orí títí dé 8,000 pọ́n-ùn. Má jẹ́ kí wọ́n fi dù ọ́.

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀: Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ Ìkẹjà ni mo wí o.

Akọ̀wé Owó Oṣù: Iṣẹ́ owó oṣù ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ ká ṣí i wò. Owó kíkó kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọdọọdún sì ni láńlọ́ọ̀dù ń dé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ bo ti ìkejì mọ́ yín lójú.

Ká ní gbogbo owó oṣù yín ni wọ́n ń yọ pẹ́ńṣọ̀n ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lára rẹ̀. Pẹ̀lú òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026, tí wọ́n ti ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé yín kúrò kí wọ́n tó ṣírò, nǹkan bíi ₦206,250 ló ń dé ọwọ́ yín ní Òṣogbo. Nínú ₦400,000, nǹkan bíi ₦323,760 ló máa dé ọwọ́ yín ní Èkó. Èyí tó lé jẹ́ ₦117,500. Ẹ wá wo owó ilé: ₦25,000 lóṣù ni ti tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá pín in sí oṣù méjìlá, tuntun á di ₦125,000. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ti lọ nìyẹn. Ohun tó kù nínú àfikún ₦150,000 tí wọ́n ń fi yangàn kò ju ₦17,500 lọ, ẹ ò sì tíì wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ajàfẹ́tọ̀ọ́: Láńlọ́ọ̀dù Èkó kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin 2011 ni. Ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù bà á.

Akọ̀wé Owó Oṣù: Òótọ́ ni, ó sì kan Ògbà. Ṣùgbọ́n kò kan Ìkòyí, Fikitóríà Àílàǹdì, Àpápá àti Ìkẹjà GRA. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọdún kan náà, kọmíṣọ̀n ejẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì lọ́yà sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ká fi ₦150,000 kọ́ṣọ̀n kún un, ó di ₦1,950,000 kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. ₦1,200,000 wọn fi ₦750,000 dín, a ò sì tíì dárúkọ ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ tún wo lẹ́tà náà dáadáa. Òmíràn máa ń sọ pé tẹ́ ẹ bá kúrò kí ọdún méjì tó pé, ẹ dá gbogbo owó padà. Ẹ ní kó jẹ́ ọdún kan, kí gbèsè náà máa dín ní oṣooṣù, kó má sì kàn yín tó bá jẹ́ àwọn ni wọ́n dá yín dúró. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá inú owó oṣù ni wọ́n máa san án sí. Tó bá gba ibẹ̀, owó orí lè bù ú jẹ. Ohun tó sàn ni kí wọ́n san owó ọkọ̀ akẹ́rù fúnra wọn, lórí rìsíìtì.

Ìyá Ìbejì: Ọkùnrin ń ṣírò, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìyàwó! Oníbàárà Ìgbọ̀nà kò ní tẹ̀ lé e dé Ògbà. Èló ló ń mú wálé lóṣù? Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ₦17,500 yẹn, ká wò ó.

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀: Ìyá Ìbejì, ó ń mú tó ₦60,000 wá tí ọjà bá yá. Àánú mi ti ṣe mí.

Akọ̀wé Owó Oṣù: Ẹ bèèrè ₦480,000 nígbà náà. Lẹ́yìn owó orí àti owó ilé, nǹkan bíi ₦77,800 á kù nínú àfikún náà, ìyẹn á bo ti ìyàwó, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù fún ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní owó oṣù kò lè kúrò lójú kan, ẹ ní kí wọ́n fi àláwáǹsì owó ilé síbẹ̀ lọ́dọọdún, kó sì wà nínú lẹ́tà.

Ajàfẹ́tọ̀ọ́: Èmi ò ní lọ rárá ní tèmi. Kí ó kọ́kọ́ dá nìkan lọ, kí ìyàwó dúró ní Òṣogbo fún ọdún kan.

Ìyá Ìbejì: Ilé méjì, ìkòkò méjì, owó ọkọ̀ Òṣogbo sí Èkó lóṣooṣù. Ṣé ìwọ lo máa san án?

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀: Mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọ́n gbà pé ọdún kan ni, gbèsè á sì máa dín. Lórí ₦480,000, wọ́n ní ọ̀gá kò tíì dé láti ìrìn àjò.