“Àṣìṣe kan wáyé”: ta ló ṣe é? Ẹ bá mi tún gbólóhùn yìí ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ ìwé fún ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan yọ owó àwọn oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé àforíjì tí wọ́n kọ nìyí:

“Àṣìṣe kan wáyé, owó àwọn kan sì yọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìnira tó bá ṣẹlẹ̀.”

Owó kì í dá yọ ara rẹ̀. “Tó bá ṣẹlẹ̀” ló tiẹ̀ burú jù, bí ẹni pé kò dájú pé ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Mo wá olùṣe fún ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan, mo sì tún un kọ:

“A yọ owó yín lẹ́ẹ̀mejì. A kò dán ètò tuntun wò tó kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. A ó dá owó yín padà kó tó di ọjọ́ Ẹtì.”

“A” yìí ló ń kọ mí lóminú, torí ó lè dúró fún ẹnikẹ́ni, bíi ti “a kì í”. Ṣé kí n kọ “Àwa la yọ owó yín”, àbí “Ilé iṣẹ́ wa ló yọ ọ́”? Bí wọn ò bá sì tíì mọ ohun tó fà á, báwo ni wọ́n ṣe máa gba ẹ̀bi láìméfò?