Mo fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n pa á rẹ́ ni?

Wálé Mánṣẹ́sítà: Ẹ gbà mí o. Látìgbà tí wọ́n ti sin Màmá tí mi ò lè lọ torí ìwé mi ò tíì jáde, mi ò rí oorun sùn mọ́, mo kàn ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ lọ ni. Lánàá mo fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá mi n'Íbàdàn, mo sunkún nínú ẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ, kò fèsì. Ojú ń tì mí. Ṣé kí n pa á rẹ́?

Ìyá Ìbejì Húsítìn: Má dán an wò! Èmi pa tèmi rẹ́ nígbà kan, àbúrò mi rò pé mo ti ṣe ara mi léṣe, ó wa mọ́tò láti Dálásì lóru, nǹkan bíi wákàtí 4, iṣẹ́ ẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Fẹ́mi Pẹ́kámù: Fóìsì nóòtì gan-an ló bà á jẹ́. Ọkùnrin máa ń pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Ó lè rò pé owó lo fẹ́.

Bàbá Àlíyà: Ọ̀rọ̀ owó yẹn, òótọ́ ni, fóìsì nóòtì kọ́ ló fà á. Tó o bá kàn ní nǹkan ò lọ déédéé, owó ni wọ́n máa gbọ́. Lẹ́yìn ikú Bàbá wa, mo pe àbúrò mi, mo ní mi ò fẹ́ owó, mi ò fẹ́ àdúrà lónìí, ṣáà gbọ́ mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ látorí ara mi: àyà mi máa ń já tí fóònù bá dún lóru, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi ní Sátidé tí èmi àti Bàbá máa ń sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, èmi náà ò tíì lè wọ yàrá wọn." Wálé, ẹ̀gbọ́n ẹ ló dúró ti sàréè. Bi wọ́n bí ọjọ́ yẹn ṣe rí lára wọn.

Fẹ́mi Pẹ́kámù: Ẹ̀gbọ́n wo lo máa bi nírú ìbéèrè yẹn?

Bàbá Àlíyà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi" ni wàá fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá di òru tí kò sẹ́ni tó jí, Wálé, pe 116 123, àwọn Samáritáànì tó máa ń tẹ́tí sí èèyàn ni, ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í béèrè ìwé. Ní Íńgílándì o sì lè fúnra ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú tí wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, kò dìgbà tí dókítà bá fi ẹ́ ránṣẹ́.

Wálé Mánṣẹ́sítà: Ẹ ṣé sà. Mi ò pa á rẹ́ mọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá pè, ṣé èmi ni kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?

Ìyá Ìbejì Húsítìn: Ṣé o ti jẹun? Wá sí Húsítìn, oòrùn ń ràn níbí, òjò Mánṣẹ́sítà yẹn nìkan tó ẹkún.

Fẹ́mi Pẹ́kámù: Oòrùn tó ń bó èèyàn lára! Pẹ́kámù ló yẹ kó wá, Ráì Léènì, kó gbóòórùn panla kára ẹ̀ balẹ̀.

Wálé Mánṣẹ́sítà: Àmàlà Màmá ló ń wù mí o, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì.

Ìyá Ìbejì Húsítìn: Áà. Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá.

Fẹ́mi Pẹ́kámù: Mo ń bọ̀ ní Mánṣẹ́sítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èlùbọ́ mélòó ni kí n gbé dání?