Alásè ní ká wá tọ́ oúnjẹ wò, ká sì mú iye èèyàn dání

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìgbéyàwó àbúrò mi ku oṣù kan ààbọ̀, Sátidé ni, ní gbọ̀ngàn kan ní Ògo-Olúwa, Òṣogbo níbí. Alásè ní ká wá tọ́ oúnjẹ wò ní Jímọ̀, aago mẹ́rin. Ìwé ìpè 250 la tẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ní ká sọ pé 500, pé ta ló ń lé àlejò? Iye wo ni ká mú lọ?

Bàbá Tóyọ̀sí: Àpò ìrẹsì kan ń bọ́ 300 èèyàn. Ẹ ra méjì, ó parí!

Ìyá Alásè, Òkè-Fìà: Bàbá, ó lè rí bẹ́ẹ̀ bí àmàlà àti iyán bá wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìrẹsì nìkan ni gbogbo wọn ó jẹ, kò ní tó.

Oníbèéérè, ẹ ní kó yí ọjọ́ yẹn. Bó bá ní òde ní Sátidé, Jímọ̀ ló ń gé ẹran, tó ń lọ ata. Kò ní ráyè tiyín. Ọjọ́rú dáa. Iye àwo ni kẹ́ ẹ sì bá a sọ, torí ìwé ìpè kan lè kó tọkọtaya àtọmọ méjì wá. Ẹ ka aṣọ ẹbí tí wọ́n ti sanwó rẹ̀, ẹ fi ẹbí ọkọ àti ará ṣọ́ọ̀ṣì kún un. Ká ní 150, 90 àti 60, ó di 300. Olórin, ayàwòrán, awakọ̀, àwọn tó ń pín oúnjẹ náà á jẹun: 25. Ẹ fi 35 lé e fún mo-gbọ́-mo-yà, 360 nìyẹn. Ẹ sọ fún un pé iye tó kẹ́yìn ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó tó lọ sọ́jà.

Àdùkẹ́ Ìgbọ̀nà: Ìrẹsì témi tọ́ wò dùn gan-an. Lọ́jọ́ ìnáwó, ó ti rọ̀ bẹ̀tẹ̀! Mi ò gbà wọ́n gbọ́ mọ́.

Ìyá Alásè, Òkè-Fìà: Ìkòkò kékeré lẹ tọ́ wò, ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Tòde, inú kúlà ló ń wà, ooru rẹ̀ á sì máa sè é lọ. Ẹ ní kó gbé e sí kúlà ní wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó dé, kẹ́ ẹ jọ ṣí i. Ẹ ti síbí dé ìsàlẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀, ẹ ní kó dín omi rẹ̀ kù. Aago tí àlejò máa jẹun gan-an ni kẹ́ ẹ sì fún un. Bí wọ́n bá kọ aago méjìlá sínú ìwé, ó lè tó méjì kí wọ́n tó pín oúnjẹ, àmàlà tí wọ́n dì láàárọ̀ á ti le.

Kọ́lá: Ta ló ń sanwó ọtí, ṣé ẹbí ọkọ?

Oníbèéérè: Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ọ̀rọ̀ ọtí ṣì ń bọ̀ o. Ìyá, ẹ ṣeun. Ó ti gba Ọjọ́rú, aago méjìlá. Màmá ti sọ̀ kalẹ̀ sí 400, ó kọ̀ jálẹ̀ lórí 360. Alásè náà ń gba owó ìtọ́wò. Ṣé wọ́n máa ń yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́?

Ìyá Alásè, Òkè-Fìà: Èmi ń yọ ọ́, ẹlòmíì kì í yọ. Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó san án.