Kòńténà kan ni, àbí páálí mẹ́wàá?

Ẹ̀yin àgbà amòfin, ẹ bá mi wo ìbéèrè ìdánrawò yìí. Ìwé ẹrù ọkọ̀ òkun kà báyìí: “kòńténà 1, wọ́n ní páálí 200 ló wà nínú rẹ̀.” Omi ba páálí 10 jẹ́, kílò 40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin Hague-Visby fi òté lé gbèsè olùkẹ́rù: SDR 666.67 lórí ẹyọ kan tàbí SDR 2 lórí kílò kan, èyí tó bá pọ̀ jù.

Bí páálí bá ni ẹyọ, 6,666.70 ni. Bó bá jẹ́ kòńténà, 666.67 péré, kílò 400 á sì borí pẹ̀lú 800. Páálí ni mo mú, torí Abala 4, ìlànà 5(c), ní iye tí ìwé kà sílẹ̀ ni kí á tẹ̀ lé. “Wọ́n ní” yẹn ló ń dà mí láàmú: ṣé ó lè sọ iye náà di asán, àbí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí nìkan ló kàn?