Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń túmọ̀ ìkéde ìpàdé, ẹ wá sọ ohun tójú yín ń rí

Akọ̀wé Ìjọ: Èmi ni mò ń sọ ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì wa di Yorùbá, ìṣọ́ òru ló sì máa ń fún mi níṣẹ́ jù. Wọ́n gbé ọ̀kan wá, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ní Fúráìdé, aago méjìlá òru. Òru wo wá nìyẹn? Tá a bá tẹ̀ lé aago, méjìlá òru ni Fúráìdé ti bẹ̀rẹ̀, á jẹ́ pé alẹ́ Tọ́sìdé lèèyàn á ti kúrò nílé, àmọ́ òru tó tẹ̀ lé ọ̀sán Fúráìdé ló máa wá sọ́kàn ẹni tó bá gbọ́ ọ. Mo pe pásítọ̀ kí n tó kọ ohunkóhun, wọ́n ní èyí tó máa mọ́ Sátidé ni. Mo wá kọ ọ́ pé: "Òru Fúráìdé mọ́jú Sátidé. Ẹ jẹ́ ká ti jókòó ní aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ Fúráìdé, aago méjìlá la máa bẹ̀rẹ̀." Ẹni tí méjìlá òru bá tiẹ̀ dà lójú rú, alẹ́ Fúráìdé ò lè dà á lójú rú.

Ìyá Ìbejì: Ṣebí kẹ́ ẹ kàn fi déètì sí i ni, ó parí.

Akọ̀wé Ìjọ: Mà, déètì dáa o, ṣùgbọ́n déètì ọ̀hún gan-an máa ń yí láago méjìlá. Méjèèjì ni mo máa ń kọ, bíi Fúráìdé 14 mọ́jú Sátidé 15.

Ọmọ Ààfáà: Tiwa tún yàtọ̀ pátápátá. Lọ́dọ̀ wa, tí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ tuntun ti dé, torí náà tí ààfáà bá ní òru Jímọ̀, alẹ́ Àlàmísì ni wọ́n ń sọ o! Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ "Àlàmísì mọ́jú Jímọ̀", pàápàá tí a bá pe àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí síbẹ̀.

Alákọrin: Ní tiwa, máíkì ló ń dà wá láàmú, ó ń hó, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìkéde.

Ìyá Ìbejì: Ìtumọ̀ la ń sọ o jàre 😂 Èmi náà ní tèmi. Wọ́n fẹ́ kí àwọn òbí má mú ọmọdé wá, ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ wá kọ ọ́ pé "a ń rọ̀ yín, tó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ fi àwọn ọmọ sílé". Ọmọ kún ibẹ̀ bámúbámú! Kò sì sí "tó bá ṣeé ṣe" nínú Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀, ó kàn ń wá ọ̀wọ̀ kiri ni.

Akọ̀wé Ìjọ: Ọ̀wọ̀ ti wà nínú "ẹ" àti "ẹ jọ̀ọ́". Èmi á kọ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mú ọmọdé wá", má wulẹ̀ fi "tó bá ṣeé ṣe" sí i.

Ọmọ Ààfáà: "Ẹ kò gbọ́dọ̀ mú" ló dáa jù, kí ó yé wọn.

Ìyá Ìbejì: Há à, sí àwọn àgbà? Wọ́n á ní ta ló ń pàṣẹ fáwọn. Èmi ò lè kọ ìyẹn láé.

Ọmọ Ààfáà: Tí wọ́n bá wá mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ńkọ́, ta ló máa dá wọn padà?