Ẹnìkejì mi ń gbà, àmọ́ kì í fi kún un

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń kọ́ eré apanilẹ́rìn-ín tí a kì í kọ sílẹ̀ ní Ṣìkágò. Òfin ibẹ̀ ni pé kó o gba ohun tí ẹnìkejì bá sọ, kó o sì fi tìrẹ kún un. Ọ̀rẹ́ mi kì í jiyàn, àmọ́ ìbéèrè ló fi ń dáhùn. Mo ní, “Dókítà, ewúrẹ́ mi gbé fóònù mì.” Ó ní, “Háà! Kí la máa ṣe báyìí?” Gbogbo ẹrù tún padà sórí mi. Ká ní ó sọ pé, “Abájọ! Òun ló ń pè mí látàárọ̀,” ibi tí ẹ̀rín wà ti yọ nìyẹn, màá kàn fi kún un pé ó ti yá owó lọ́wọ́ àna mi. Ìdánrawò wo ló lè gba ìbéèrè lẹ́nu ẹ̀?