Àwọn àna mi ń bọ̀ ní Sátidé: ọbẹ̀ wo ni kí n gbé ti òkèlè wo?

Wálé (Mánṣẹ́sítà): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá àti ìyá ìyàwó mi ń bọ̀ wá kí wa ní Sátidé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kúkú mọ bí ẹ̀fẹ̀ àárín wa ṣe máa ń rí. Ìyàwó mi ò ní kúrò níbi iṣẹ́ kó tó di aago mẹ́rin, èmi ni màá dáná. Mo ní èlùbọ́ iṣu, láfún, àti iyán oníyẹ̀fun. Ewédú wà nínú fíríìsà, ẹ̀gúsí wà, ẹ̀wà funfun wà. Ní ti ẹran, mo ní ewúrẹ́, ṣàkì, àti ẹja àrọ̀ gbígbẹ. Kì í ṣe pé mi ò mọ ọbẹ̀ sè. Èyí tó yẹ kí n gbé ti èyí ni mi ò mọ̀, àti inú ọbẹ̀ tí ẹran kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ẹ gbà mí.

Bọ̀ọ̀dá Ṣégun (Hústọ́ọ̀nù): Wálé, má dààmú ara ẹ. Òkèlè ni òkèlè ń jẹ́. Se ẹ̀gúsí kan tó dáa, kó ẹran àti ẹja sínú ẹ̀, ro iyán, ro ọkà, kálukú á mú èyí tó bá wù ú. Tó o bá sì fẹ́ se ewédú, káún ni kó o fi sí i dáadáa, á yọ̀ débi tí wọ́n á máa fi ọwọ́ ké e.

Gbénga Akẹ̀sán (Lọ́ńdọ̀nù): Ẹ̀gúsí pẹ̀lú ọkà, níwájú bàbá Ọ̀yọ́! Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti pẹ́ jù ní Amẹ́ríkà. Wálé, ọkà èlùbọ́, gbẹ̀gìrì, ewédú, ọbẹ̀ ata. Ó parí. Láfún yẹn, bá wa gbé e pamọ́ títí wọ́n á fi lọ.

Ìyá Ìbejì (Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́): Gbénga, kí ni láfún fi ṣe ẹ́?

Wálé ọmọ mi, wo òkèlè ná kó o tó wo ọbẹ̀. Iyán le, ó ń fà, tó o bá gé e, ó máa ń di ara ẹ̀ mú. Ìyẹn ló ṣe lè gbé ọbẹ̀ tó ki, tó ní wóró nínú, bí ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀fọ́ rírò. Ọkà ò lágbára yẹn. Ó rọ̀, ọbẹ̀ tó ṣàn ló ń fẹ́, èyí tó máa bá a yọ̀ lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Fi ọkà bu ẹ̀gúsí tó dì kó o wò ó: wóró á ṣẹ́ kù sínú àwo, ọkà náà á máa já sínú ọbẹ̀. Kì í ṣe èèwọ̀ o, ó kàn ń fi ìyà jẹ ọwọ́ ni.

Ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ fi máa ń jẹ́ mẹ́ta lórí ọkà. Ewédú ló ń mú un lọ. Gbẹ̀gìrì ò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀, adùn ẹ̀wà ló ń gbé wá, ó sì ń jẹ́ kí ó yó èèyàn. Ọbẹ̀ ata ló ni epo, ló ni ata, òun náà ló ni ẹran. Ẹran kì í wọ inú ewédú tàbí gbẹ̀gìrì níbi tí mo ti ń ta oúnjẹ. Ewúrẹ́ àti ṣàkì rẹ, inú ọbẹ̀ ata ni kó o kó wọn sí. Àmọ́ gbé ṣàkì kaná ṣáájú, torí ó máa ń pẹ́ kó tó rọ̀. Tó o bá kó méjèèjì sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, ewúrẹ́ á ti bọ́ kúrò lára eegun nígbà tí ṣàkì ṣì ń bá eyín jà.

Ẹja àrọ̀, gbé e sí ẹ̀gúsí, kó o fi iyán gbè é. Ẹ̀gúsí máa ń gba òórùn èéfín ara ẹja yẹn wọlé dáadáa.

Àlàbí (Dọ́blíìnì): Wálé, àbá tèmi ni pé kó o má sọ fún wọn kí wọ́n gbé ẹran tàbí pọ̀nmọ́ dání láti ilé o. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ti gba ti ẹ̀gbọ́n mi rí.

Wálé: Bọ̀ọ̀dá Àlàbí, ibí ni mo ti ra ẹran mi, ó ti wà nílé. Ẹ ṣeun sà.

Àlàbí: Àà, mo kà á sáré ni. Ẹ̀wà ńkọ́? Ìjọba Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà ní 2015, torí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá lára ẹ̀. Èyí tá à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù níbí, ilẹ̀ mìíràn ló ti ń wá. Òmíràn wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé kò ní rọ̀ bó o bá sè é di ọ̀la.

Ìyá Ìbejì: Èyí tó ti pẹ́ nínú àpò nìyẹn, ilẹ̀ yòówù kó ti wá. Wálé, fi ẹ̀kúnwọ́ kan dán an wò lónìí kó tó di Sátidé. Bó bá ti lé ní wákàtí kan ààbọ̀ lórí iná tó ṣì le nínú, wá òmíràn rà, kò ní di gbẹ̀gìrì fún ẹ.

Wálé: Mo ti gbé e kaná, mà. Báwo ni kí gbẹ̀gìrì ṣe ki tó? Èyí tí mo sè kẹ́yìn dì bí mọ́ínmọ́ín kí n tó gbé e dé orí tábìlì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀wà máa ń ki sí i bó bá ti ń tutù, ohun tó ṣe ẹ́ nìyẹn. Ẹ ó tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ife ẹ̀wà 2 ti tó. Rẹ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 20, fi ọwọ́ ra á kí èèpo bọ́, kó o máa da èèpo nù mọ́ omi títí yóò fi funfun. Sè é nínú omi púpọ̀, má fi iyọ̀ sí i ná, títí á fi fọ́ fúnra ẹ̀. Àwa ń fi ìjábẹ̀ jà á nílé. Bílẹ́ńdà lẹ máa lò níbẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ó má tú sí ẹ lójú.

Dá a padà sórí iná kékeré, fi omi gbígbóná là á, kó o wá fi ata, iyọ̀, ìrú àti epo díẹ̀ sí i. Máa rò ó dé ìsàlẹ̀, torí ó máa ń jóná láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Bu ún sókè pẹ̀lú ṣíbí, kó o dà á padà. Tó bá ń já bọ́ ní kìǹbà-kìǹbà, ó ti ki jù. Tó bá ṣàn wálẹ̀ láì já, tó ṣì bo ẹ̀yìn ṣíbí, sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jọ pé ó ti ṣàn jù lójú ẹ lórí iná, kó tó lè ṣe rẹ́gí nínú àwo.

Má sì pò ó mọ́ ewédú nínú ìkòkò. Inú àwo ni kí wọ́n ti pàdé, torí gbẹ̀gìrì máa ń tètè kan.

Síkírá (Tòróńtò): Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ẹjọ́ tèmi. Ewédú inú fíríìsà tí mo sè lọ́sẹ̀ tó kọjá di omi lásán, kò yọ̀ rárá. Mo jẹ́ kó yọ́ láti àárọ̀, mo wá sè é pẹ̀lú tòmátò àti ata lílọ̀ kí n má baà fọ ìkòkò méjì.

Ìyá Ìbejì: Síkírá, yíyọ́ yẹn kọ́kọ́ kó apá kan lọ. Omi tó jáde lára ẹ̀ tó o dà nù, inú ẹ̀ ni yíyọ̀ wà. Tòmátò ló wá parí iṣẹ́. Ohun kíkan máa ń pa yíyọ̀ ewédú, ó sì máa ń pa ti ilá náà. Láti inú fíríìsà ni kó o ti jù ú sínú omi tó ń hó, omi náà kó má pọ̀. Káún kò gbọ́dọ̀ ju orí èékánná ọmọ-ìka lọ. Má dé e. Bó bá ti rọ̀, jà á, fi ìrú àti iyọ̀ sí i, sọ ọ́. Kò gbọdọ̀ tó ìṣẹ́jú 10 lórí iná. Ata àti tòmátò, ìkòkò tiwọn lọ́tọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Ṣégun, òótọ́ lẹ sọ nípa káún, ó máa ń jẹ́ kó rọ̀, kó sì yọ̀. Àmọ́ bó bá ti pọ̀, ewédú á korò, á dà bí ọṣẹ lẹ́nu. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru náà ò yẹ kí wọ́n máa jẹ ẹ́ ní àjẹjù, bí iyọ̀ náà ló rí.

Bọ̀ọ̀dá Ṣégun: Mo gbà nípa káún, mà. Ti òkèlè ni mi ò tíì gbà. Iyán àti ewédú là ń jẹ nílé tiwa láti kékeré, a sì dàgbà.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó wù ú ń jẹ ẹ́, sà. Iyán gbígún á tiẹ̀ gbà á. Iyán oníyẹ̀fun tó wà lọ́wọ́ Wálé yìí rọ̀ ju iyán odó lọ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bó bá fi ewédú kún un, kò ní rí nǹkan dì mú.

Gbénga Akẹ̀sán: Ẹ ò tíì sọ ti láfún, mà. Ṣé gbẹ̀gìrì ń bá láfún lọ ni? Lọ́dọ̀ tiwa, rárá o.

Ìyá Ìbejì: Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí n bù ú sí i fún wọn níbí.

Síkírá: Èmi ò lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Láfún máa ń kan díẹ̀, gbẹ̀gìrì á wá bo adùn ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ewédú àti ọbẹ̀ ata tó ní ìrú, kí pánlá wà nínú ẹ̀. Ó tán.

Gbénga Akẹ̀sán: Ẹ rí i bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra wọn ò ṣe fẹnu kò.

Wálé: Ẹ̀wà ti rọ̀ o! Kò tó wákàtí kan. Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é nìyí: lọ́jọ́ Jímọ̀, màá se ṣàkì, ọbẹ̀ ata àti ẹ̀gúsí. Ní àárọ̀ Sátidé, gbẹ̀gìrì. Ewédú di nǹkan bí aago mẹ́rin. Ọkà ló máa gbẹ̀yìn.

Ìyá Ìbejì: Ó dáa. Ife omi 2 sí ife èlùbọ́ 1 ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èlùbọ́ kan ń mu omi ju òmíràn lọ, nítorí náà ní omi gbígbóná nítòsí. Lẹ́yìn tó o bá rò ó tán, ta omi sí i, dé e kó jinná, kó o tún rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí kókó má wà. Wé e sínú náílọ́ọ̀nù, kó o kó o sínú kúlà.

Wálé: Yéè! Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ní ìyá òun kì í jẹ ewúrẹ́ rárá, wọn kì í tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ òórùn ẹ̀. Ṣé kí n sọ wọ́n sórí iyán àti ẹ̀gúsí ni? Ó ní ọkà ni wọ́n ń wọ̀nà fún o.

Ìyá Ìbejì: Fún wọn ní ọkà wọn. Bó o bá ti din ata nínú epo tán, kó o tó da omi ẹran sí i, bu tiwọn sínú ìkòkò kékeré. Ṣa ẹja àrọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò nínú ti ẹ̀gúsí, fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, yọ eegun ẹ̀ kúrò, jẹ́ kó hó pẹ̀lú ata yẹn fún bí ìṣẹ́jú 15. Omi gbígbóná lásán ni kó o fi là á, má fọwọ́ kan omi ewúrẹ́. Ṣíbí tó o fi ro ti bàbá, má kì í bọ ti ìyá o.

Wálé: Ṣàkì ńkọ́, mà? Ṣàkì màlúù ni, ṣùgbọ́n mo ti gbé e kaná pẹ̀lú ewúrẹ́ báyìí.

Gbénga Akẹ̀sán: Wálé! Ṣebí o ní Jímọ̀ ni?